Bí Mo Ṣe Bá Màmá Ẹni Ọdún 67 Dín Ọ̀rá Kù Láìjẹ́ Kí Ẹsẹ̀ Wọn Rọ

Iṣẹ́ fisiotẹ́rápì ni mo ń ṣe n'Íbàdàn. Àwọn ọmọ màmá kan ní Àgbọwọ́ ló pè mí pé kí n wá bá àwọn mú kí màmá wọn fọn. Màmá jẹ́ ẹni ọdún 67, kílò 86 ni wọ́n wọ̀n, gíga wọn sì jẹ́ mítà 1.58. Wọ́n ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún a sì máa dùn wọ́n. Àwọn ọmọ kò tiẹ̀ ka ohun tó ká mi lára jù sí: màmá ti ṣubú lẹ́ẹ̀kan ní ilé ìwẹ̀ lọ́dún náà, wọ́n ní omi ló yọ̀ wọ́n.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò kí n tó dé orí oúnjẹ. Mo gbé àga onígi tí kò ní tìmùtìmù, tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 43, mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ ti ògiri kó má baà yọ̀ lórí táìsì. Mo ní kí màmá ká apá lé àyà, kí wọ́n dìde dúró ṣánṣán, kí wọ́n tún jókòó, kí wọ́n máa ṣe é bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Ẹ̀ẹ̀méje ni wọ́n rí ṣe. Obìnrin tó wà láàárín ọdún 65 sí 69 tí kò bá lè ṣe é tó ẹ̀ẹ̀mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣubú sì wà nítòsí. Ẹni tó bá fi ọwọ́ ti àga kó tó lè dìde, òdo la ó kọ fún un. Lẹ́yìn náà ni mo ní kí wọ́n dìde lórí àga, kí wọ́n rìn dé ibi mítà mẹ́ta, kí wọ́n yípo padà wá jókòó. Ó gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú àáyá 15. Tó bá ti tó 12, ó yẹ ká ṣọ́ra.

Mo wá ṣàlàyé fún àwọn ọmọ ìdí tí a kò fi gbọdọ̀ fi ebi pa màmá. Nígbà tí àgbàlagbà bá ń fọn nípa àìjẹun nìkan, kì í ṣe ọ̀rá nìkan ló ń lọ. Nínú kílò mẹ́rin tó bá dínkù, ó ṣeé ṣe kí nǹkan bíi kílò kan jẹ́ ẹran ara, ìyẹn iṣan itan àti ti ìdí tó ń gbé èèyàn dìde. Tí oúnjẹ bá tún pọ̀, ọ̀rá á padà wọlé kíákíá, ṣùgbọ́n iṣan kì í padà bọ̀rọ̀ lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún. Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé kílò tó ń lọ kò gbọdọ̀ ju ìdajì kílò lọ lọ́sẹ̀ kan, àti pé iye ìgbà tí màmá ń dìde lórí àga kò gbọdọ̀ já wálẹ̀.

Oúnjẹ ló kàn. Ògì pẹ̀lú àkàrà mẹ́ta ni màmá máa ń jẹ láàárọ̀, àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì, ewédú àti ẹran kékeré kan lọ́sàn-án, búrẹ́dì àti tíì lálẹ́. Nígbà tí mo ṣírò rẹ̀, purotéènì tó wà nínú gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 40 gíráàmù lọ. Àgbàlagbà tí kò ṣàìsàn nílò gíráàmù 1 sí 1.2 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá sanra púpọ̀, kílò tí a fẹ́ kó sún mọ́ ni mo fi ń ṣírò, kì í ṣe gbogbo ohun tí òṣùwọ̀n sọ. Mo fi 70 ṣe tiwọn, ìyẹn sì fún wa ní gíráàmù 84 lójúmọ́. Ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ ní kí dókítà wọn yẹ kíndìnrín wò, torí ẹ̀jẹ̀ ríru tó ti pẹ́ lára a máa ba kíndìnrín jẹ́ láìsí ìrora kankan. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ bá ti ń ṣàárẹ̀, dókítà ló gbọ́dọ̀ sọ iye purotéènì tó lè jẹ. Ti màmá dára.

A kò kó gbogbo 84 náà sínú oúnjẹ kan ṣoṣo. Iṣan àgbàlagbà kì í tètè dáhùn mọ́, ó máa ń fẹ́ tó gíráàmù 25 lẹ́ẹ̀kan náà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ dáadáa. Bí a ṣe pín in nìyí. Láàárọ̀, ògì tí a po ṣíbí ńlá méjì mílíìkì lẹ́búlẹ́bú sí, mọ́ínmọ́ín kan tó tóbi díẹ̀, àti ẹyin sísè kan. Lọ́sàn-án, ẹja títù tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú. Lálẹ́, ẹ̀wà sísè ife kan, ẹyin méjì àti ẹ̀fọ́. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń sún mọ́ 25 tàbí 26, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà kan sì parí èyí tó kù. Èyí tí a dín kù ni àmàlà, tó di ìdajì, òróró tó ń léfòó lórí ọbẹ̀, àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí wọ́n máa ń mu tí oòrùn bá mú. Àkàrà kò kúrò pátápátá, ọjọ́ Sátidé nìkan la fi sí. Ẹ̀wà kan náà ló wà nínú òun àti mọ́ínmọ́ín, ṣùgbọ́n àkàrà a máa fa òróró mu. Gbẹ̀gìrì sì máa ń tan àwa ará Ìbàdàn jẹ: òótọ́ ni pé ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n omi pọ̀ nínú rẹ̀, kò lè dá ṣe iṣẹ́ ẹja.

Eré ìdárayá wa kò ju ti àga náà lọ púpọ̀. Lọ́sẹ̀, a ń ṣe é ní ọjọ́ mẹ́ta tí kò tẹ̀léra. Nítorí orúnkún, mo fi ìrọ̀rí líle kan sórí àga kó lè ga. Màmá á sún síwájú dé etí àga, ẹsẹ̀ á fẹ̀ tó ìbàdí, gìgísẹ̀ á wọ ẹ̀yìn díẹ̀ ju orúnkún lọ. Wọ́n á tẹ̀ síwájú títí imú á fi bọ́ sókè ọmọ ìka ẹsẹ̀, kí wọ́n tó gbé ìdí. Ẹni tí kò bá tẹ̀ síwájú tó, ńṣe ló máa ṣubú padà sórí àga, yóò sì rò pé agbára ni kò sí. Tí wọ́n bá ń dìde, wọ́n á mí síta, torí ẹni tó bá sé èémí, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á fò sókè. Tí wọ́n bá ń jókòó, a ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, kí ìdí tó kan àga. Jíjókòó díẹ̀díẹ̀ yìí ló ń kọ́ ẹsẹ̀ láti gbé ara dúró nígbà tí èèyàn bá kọsẹ̀. Mo tún ń wo orúnkún: tó bá ń wọ inú, mo ní kí wọ́n máa tì í sí ìta bí ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ méjèèjì fa ilẹ̀ ya.

Ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni wọ́n ń ṣe nígbà kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sinmi ìṣẹ́jú méjì, wọ́n á tún ṣe é, títí di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tó bá ku nǹkan bíi méjì tí agbára wọn ṣì lè gbé ni wọ́n ń dúró. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù: tó bá jẹ́ pé wọ́n ṣì lè ṣe ogún sí i, iṣan kò rí ìdí tó fi yẹ kó le. Nígbà tí mẹ́jọ di méjìlá, mo yọ ìrọ̀rí. Nígbà tí ìyẹn náà rọrùn, a kó piọ́wọ́tà mẹ́rin sínú báàgì tí wọ́n fi kọ́ àyà. Ìdajì kílò ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin sì jẹ́ kílò méjì. Ní ìparí oṣù kẹrin, méjìlá ló wà nínú báàgì náà. Orúnkún dùn wọ́n díẹ̀ nígbà míì, ṣùgbọ́n tí ìrora bá ti rọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí orúnkún kò sì wú, a kì í dáwọ́ dúró.

Lẹ́yìn àga, wọ́n ń ti ògiri, wọ́n sì ń dúró lórí ìka ẹsẹ̀. Lójoojúmọ́, wọ́n ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì ìdáná, gìgísẹ̀ ọ̀kan á kan ọmọ ìka ẹsẹ̀ kejì, ọwọ́ á sún mọ́ síǹkì láìdì í mú, fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá.

Láàárín oṣù kejì, ààwẹ̀ ìjọ dé. Òṣùwọ̀n já wálẹ̀ ní kílò méjì ààbọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, inú àwọn ọmọ sì dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ka ti àga, tó ti di mẹ́wàá tẹ́lẹ̀, mẹ́jọ ló kù. Màmá ní, “Ọmọ mi, mi ò lè pa ààwẹ̀ tì.” Mo ní, “Ẹ má pa á tì, Mà, ẹ jẹ́ ká ṣínu ní agogo méjìlá.” Wọ́n gbà. Oúnjẹ méjì tí ẹja tàbí ẹyin pọ̀ nínú rẹ̀ la fi rọ́pò mẹ́ta, nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì míì sì fi kọjá, ti àga ti padà sí mẹ́wàá.

Lẹ́yìn ìyẹn ni òòyì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn láàárọ̀. Mo wọn ìfúnpá nígbà tí wọ́n dùbúlẹ̀: 128 lórí 78. Ìṣẹ́jú mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dìde, 104 lórí 68. Tí nọ́ńbà òkè bá já ní 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀, ìyẹn lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Kò yà mí lẹ́nu: bí ara ṣe ń fọn ni ìfúnpá náà ń rọ̀, nígbà tí oògùn ṣì wà bó ṣe wà. Èmi kò fọwọ́ kan oògùn. Dókítà ló dín in kù, òun náà ló gbé oògùn tó ń mú wọn tọ̀ kúrò ní alẹ́ sí àárọ̀, kí wọ́n má baà máa dìde lóru. Ẹni tí kò bá ní dókítà tó mọ̀ nípa irú èyí lè lọ sí ẹ̀ka ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí wọ́n ṣí ní UCH ní 2012.

Nínú ilé, wẹ́dà bá wa de irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀ pẹ̀lú bóòtù, nítorí irin tí wọ́n ń fi táwẹ́ẹ̀lì kọ́ kò lè gbé èèyàn. Sílípáàsì tó ti fẹ̀ kúrò, èyí tó ní ìdè lẹ́yìn gìgísẹ̀ rọ́pò rẹ̀. Ìró tó ń wọ́lẹ̀ di èyí tó mọ sí ojúgun. Tọ́ọ̀ṣì wà lábẹ́ ìrọ̀rí, torí iná lè lọ nígbàkigbà.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, kílò 81 ni màmá. Tẹ́èpù ìbàdí lọ láti sẹ̀ǹtímítà 108 sí 101. Ti àga di méjìlá, ìrìn lọ-bọ̀ sì di ìṣẹ́jú àáyá 11. Ní báyìí, ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ni báàgì piọ́wọ́tà ń jáde. Oṣooṣù la ń ka ti àga. Tó bá já sí mẹ́wàá, àwo oúnjẹ la kọ́kọ́ ń wò, lẹ́yìn náà ìfúnpá, kí a tó fi piọ́wọ́tà kankan kún un.