Bí a ṣe ń pín kóòdù fún sákíìtì tí kò ní agogo kó má baà sáré ṣìnà

Bọ́tìnnì kan, iná kan. Ẹ tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Ẹ tún un tẹ̀, iná kú. Ọmọ iṣẹ́ tí mo ti rí tó to sákíìtì yìí láìlo agogo, ìyẹn àmì tó ń lù déédéé láti sọ ìgbà tí sákíìtì lè yí, kò kéré, ohun kan náà ló sì ń ṣe wọ́n: iná á tàn nígbà tí ọwọ́ wà lórí bọ́tìnnì, bí wọ́n bá ti gbọ́wọ́ kúrò, á kú. Wọ́n á pààrọ̀ áísì, wọ́n á pààrọ̀ bátìrì, wọ́n á tún wáyà tò láti ìbẹ̀rẹ̀. Áísì kò ṣẹ̀ wọ́n. Orí ìwé ni wọ́n ti ṣì í, níbi tí wọ́n ti ń pín kóòdù, ìyẹn òdo àti ení tó dúró fún ipò kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kọ́kọ́ kọ àwọn ipò tí sákíìtì lè wà sílẹ̀. Mẹ́rin ni. Ní `a`, ọwọ́ kò sí lórí bọ́tìnnì, iná kú. Ní `b`, ẹ ti tẹ̀ ẹ́, iná tàn. Ní `c`, ẹ ti gbọ́wọ́ kúrò, iná ṣì ń tàn. Ní `d`, ẹ tún tẹ̀ ẹ́, iná kú. Lẹ́yìn náà, ó padà sí `a`. Pẹ́ńsù àti ìwé ìṣirò onílà ni mo ń lò, nítorí ẹ máa pa nǹkan rẹ́ dáadáa. `x` ni bọ́tìnnì: 1 ni bí ọwọ́ bá wà lórí rẹ̀, 0 ni bí kò bá sí. Ibi tí mo fi àkámọ́ sí ni sákíìtì ti ń dúró.

```
      x=0   x=1
a     (a)    b
b      c    (b)
c     (c)    d
d      a    (d)
```

Ibi tí iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ ló kàn. Ipò mẹ́rin ń fẹ́ bíìtì méjì, `y1` àti `y2`. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sọ́kàn èèyàn ni kó kà á bí a ṣe ń ka òǹkà: `a` jẹ́ 00, `b` jẹ́ 01, `c` jẹ́ 10, `d` jẹ́ 11. Ẹ má ṣe é.

Ẹ wo ìdí. Nígbà tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò ní `b`, sákíìtì gbọ́dọ̀ lọ sí `c`, ìyẹn ni pé 01 gbọ́dọ̀ di 10. Bíìtì méjèèjì ló ní láti yí pa pọ̀. Géètì inú áísì ló ń yí bíìtì kọ̀ọ̀kan, kò sì sí géètì méjì tó yára dọ́gba. Géètì 74HC kan ń lo bíi nánósẹ́kọ́ǹdì 10 ní fóòtì 5, ṣùgbọ́n èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lè dín tàbí kó lé. Ó dà bíi Màíkírà méjì tó jọ gbéra ní Bódìjà tí wọ́n ń lọ sí Dùgbẹ̀, tí ọ̀kan gba Mọ́kọ́lá, tí èkejì gba Àgódì. Ta ló lè búra pé ìṣẹ́jú kan náà ni wọ́n máa dé?

Bí `y2` bá kọ́kọ́ wálẹ̀, sákíìtì á bọ́ sí 00. 00 ni `a`, `a` sì jẹ́ ibi ìdúró nígbà tí `x` jẹ́ òdo. Ó jókòó síbẹ̀ nìyẹn, kò ní dé `c` mọ́, iná á sì kú bí ẹ ti gbọ́wọ́ kúrò. Bí ó bá jẹ́ `y1` ló kọ́kọ́ gòkè, á bọ́ sí 11, ibùdó `d`, níbi tí tábìlì ti ń sọ fún un pé kó máa lọ sí 00. Láti ibẹ̀, ibi tó máa já sí kò ṣeé sọ. Èyí ni mo ń pè ní ìje eléwu: ibi tí sákíìtì máa parí sí wà lọ́wọ́ bíìtì tó bá ṣáájú. Bí ọ̀nà méjèèjì bá já sí ibi ìdúró kan náà, ìje ṣì ni, ṣùgbọ́n kò léwu. Nínú tábìlì wa, ibi ìdúró méjì ló wà lábẹ́ `x=0`, ìdí nìyẹn tí ó fi lè ṣìnà.

Má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ wá géètì tó yára fi sí ọ̀nà kan. Ó lè ṣiṣẹ́ lónìí. Bí ooru bá mú, tàbí bí ẹ bá pààrọ̀ áísì, ìje náà á tún bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí mo ń ṣe ni kí n ya onígun mẹ́rin kan, kí n kọ 00, 01, 11, 10 sí igun rẹ̀ yíká. Igun méjì tó fara kan ara wọn fi bíìtì kan ṣoṣo yàtọ̀. Gbogbo ìrìn inú tábìlì gbọ́dọ̀ jẹ́ láti igun sí igun tó fara kàn án. Tiwa rọrùn, nítorí yíká ló ń lọ: `a` 00, `b` 01, `c` 11, `d` 10. Ìtòlẹ́sẹẹsẹ yìí ni wọ́n fi orúkọ Frank Gray pè, ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìdásílẹ̀ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1953. Bíìtì kan ló ń yí nínú ìrìn kọ̀ọ̀kan, kò wá sí ẹni tó ń bá ẹni sáré.

Kì í rọrùn báyìí nígbà gbogbo. Ẹ gbé ẹ̀rọ tó ń pààrọ̀ iná ìjọba àti jẹnẹrétọ̀ yẹ̀ wò: kò sí èyí tó gbé ilé, iná ìjọba gbé e, jẹnẹrétọ̀ gbé e. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń lọ sọ́dọ̀ ara wọn, kò sì sí bí ẹ ṣe lè fi igun mẹ́ta fara kan ara wọn lórí onígun mẹ́rin. Ẹ fi 00 fún "kò sí", 01 fún ìjọba, 10 fún jẹnẹrétọ̀. Ìrìn láti 01 sí 10 ni kí ẹ kọ́kọ́ gbà kọjá 00: níbi tí ẹ ti kọ "jẹnẹrétọ̀" fún ìjọba, ẹ kọ "kò sí", "kò sí" fúnra rẹ̀ á gbé e débi tó ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ ṣe fún ìrìn àbọ̀. Bí ẹ bá jẹ́ kó sáré tààrà, ó lè gba 11 kọjá, níbi tí méjèèjì ti jọ gbé ilé lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bọ́tìnnì wa. Láti inú kóòdù tuntun, níbi tí `Y1` àti `Y2` jẹ́ ohun tí `y1` àti `y2` máa dì, tí `'` jẹ́ òdì, tí `·` jẹ́ "àti", tí `+` sì jẹ́ "tàbí":

```
Y1 = x'·y2 + x·y1  + y1·y2
Y2 = x'·y2 + x·y1' + y1'·y2
iná = y2
```

Ẹ má yọ ẹ̀ka kẹta ìlà kọ̀ọ̀kan kúrò nítorí pé ó dà bí àpọ̀jù. Òun ló ń di bíìtì mú nígbà tí `x` ń yí. 74HC00 méjì àti 74HC10 kan ló máa gbé gbogbo rẹ̀: nándì ẹlẹ́nu méjì mẹ́fà, ẹlẹ́nu mẹ́ta méjì, méjì tó kù nínú 74HC00 ni kí ẹ fi ṣe `x'` àti `y1'`. Bọ́tìnnì náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta pẹ̀lú nándì méjì mìíràn tí ẹ fi dè é, nítorí irin rẹ̀ ń gbọ̀n fún ìwọ̀nba mílísẹ́kọ́ǹdì, sákíìtì yìí á sì kà á ní àtẹ̀tẹ̀ púpọ̀. Bí iná bá kàn ń yí gìrìgìrì láìsí ètò, ìgbọ̀nrìn ni, kì í ṣe ìje.

Láti mọ̀ pé ìje ti tán, ẹ fi résísítọ̀ ẹgbẹ̀rún kan óòmù sí ojú ọ̀nà tí `y1` fi ń padà sẹ́nu géètì, kí ẹ sì so kapásítọ̀ 100 pF láti ibẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn á fà á sẹ́yìn bíi nánósẹ́kọ́ǹdì 100, ìlọ́po mẹ́wàá ti géètì kan. Ẹ tẹ bọ́tìnnì ní ìgbà ogún. Ẹ yọ ọ́, kí ẹ fi sí `y2`, ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Pẹ̀lú kóòdù tuntun, kò sí ohun tó máa yí padà. Pẹ̀lú ti àtijọ́, bí ẹ bá fà `y1` sẹ́yìn, iná á máa kú ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá gbọ́wọ́ kúrò.

Ohun kan ṣì wà tí kóòdù kò lè gbà wá lọ́wọ́ rẹ̀. Bí géètì `x'` bá pẹ́ ju kí `y2` yí, sákíìtì á ṣì rò pé `x` jẹ́ òdo, `y1` á gòkè, ẹ ó sì rí iná tó kàn kọ yẹ̀rì tó sì kú nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́. Nítorí náà, wáyà `x'` ni mo máa ń gé kúrú jù, kapásítọ̀ ìdánwò kò sì gbọdọ̀ dé ibẹ̀.