Bí mo ṣe kọ ímeèlì owó tiránsífọ́mà sí àwọn onílé tí kò sí nílé

Nígbà tí tiránsífọ́mà àdúgbò wa n'Íbàdàn jóná, ẹgbẹ́ onílé bu ₦45,000 lé ilé kọ̀ọ̀kan lórí. Àwọn tó ń gbé láàárín wa kò ṣòroó bá sọ̀rọ̀, torí à ń rí wọn nípàdé, a sì lè kanlẹ̀kùn wọn. Ibi tí iṣẹ́ wà ni ọ̀dọ̀ àwọn tó fi ilé sílẹ̀ fún ayálégbé, tí àwọn fúnra wọn wà ní Lọ́ndọ̀nù, l'Amẹ́ríkà tàbí l'Ékòó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kúrò lórí Wásáàpù àdúgbò nítorí ariwo, ímeèlì nìkan la fi lè rí wọn. Èmi ni akọ̀wé, èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Bàbá Alága ti kọ tiwọn sínú ìwé fún mi. Àkọlé rẹ̀ ni: "ÌKÌLỌ̀ ÌKẸYÌN FÚN ÀWỌN AJẸGBÈSÈ!!!" Gbólóhùn tó ṣí i ni: "Ó yà wá lẹ́nu púpọ̀ pé títí di òní olónìí, ẹ̀yin tí ẹ ń pe ara yín ní onílé kò tíì san owó yín." Ká sòótọ́, inú lẹ́tà náà kò burú rárá. Iye owó wà níbẹ̀, nọ́ńbà àkáǹtì wà níbẹ̀, ọjọ́ tí a fẹ́ gba owó náà wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló máa kà á débẹ̀? Ẹni tí wọ́n bú lẹ́nu ọ̀nà kì í wọlé wá jókòó. Mo fi inú lẹ́tà sílẹ̀ bó ṣe wà, àkọlé àti gbólóhùn àkọ́kọ́ nìkan ni mo dojú kọ.

Kí n tó yí ohunkóhun padà, mo fi ti Bàbá ránṣẹ́ sí ara mi, mo gbé fóònù sórí tábìlì ní títì, mo ń wò ó bó ṣe máa dé. Ohun mẹ́ta ló hàn lójú fóònù láìjẹ́ pé mo ṣí i: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, àkọlé, àti ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn àkọ́kọ́. "Ó yà wá lẹ́nu púpọ̀ pé títí di òní" ni mo rí, ìyókù ti wọlé sẹ́yìn. Ìbínú nìkan ló dé ọ̀dọ̀ mi, n kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń bínú sí.

Orúkọ ni mo kọ́kọ́ tún ṣe. Orúkọ akọ̀wé àná ló ṣì wà lórí àpótí ímeèlì ẹgbẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó wà lókè òkun kò sì mọ̀ ọ́n rí. Mo yí i sí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ Onílé, mo fi orúkọ òpópónà wa kún un.

Ó wá kan àkọlé. Mo yọ lẹ́tà ńláńlá kúrò torí ariwo ló jọ. Mo yọ "ìkìlọ̀" àti "ajẹgbèsè", n kò sì fi "kíákíá" tàbí "pàtàkì" rọ́pò wọn. Ẹni tó wà ní Lọ́ndọ̀nù tó bá rí ímeèlì láti Nàìjíríà tó ń pariwo owó, tó ní kó tètè ṣe é, gbájúẹ̀ ni yóò kà á sí, á sì pa á rẹ́. Ohun tí gbájúẹ̀ kò lè mọ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀: pé tiránsífọ́mà àdúgbò ló jóná, àti nọ́ńbà ilé onítọ̀hún. Mo kọ ọ́ báyìí:

"Tiránsífọ́mà: ₦20,000 tó kù ní Ilé 14"

Kò pé ogójì lẹ́tà, fóònù mi kò sì gé e. Bó bá ti gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ fóònù á gé ìdí rẹ̀ dànù, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé tiránsífọ́mà ṣíwájú. Ó dùn mọ́ mi. Mo fi han ìyàwó mi, ó wò ó, ó ní, "Tó bá wá jẹ́ pé àna wọn ló jókòó tì wọ́n nígbà tó wọlé ńkọ́?" Ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára. Gbèsè tó yọ sójú fóònù níwájú àlejò ti di ìtìjú, bí a tilẹ̀ fi ohùn pẹ̀lẹ́ kọ ọ́. Mo yọ iye owó náà:

"Tiránsífọ́mà àdúgbò wa: ìṣirò Ilé 14"

Ẹni tó jẹ owó á mọ ohun tí ìṣirò dúró fún. Ẹni tó jókòó tì í kò ní rí nǹkan kan dì mú.

Gbólóhùn àkọ́kọ́ ló gba ìrònú jù. Àwọn tó ń kọ́ni ní lẹ́tà ọ́fíìsì máa ń ní kí èèyàn má fi ìkíni jáfara, kó lọ tààrà sórí ọ̀rọ̀. Nínú lẹ́tà owó sí àgbà, n kò gbà pẹ̀lú wọn. Kì í ṣe ti ọ̀wọ̀ nìkan. Níwọ̀n ìgbà tí ìbẹ̀rẹ̀ lẹ́tà ń hàn síta, ìkíni ló yẹ kó hàn, kí iye owó wà nínú gbólóhùn kẹta tàbí ìkẹrin, níbi tí ojú ẹni tó ṣí i nìkan ti lè dé. Ṣùgbọ́n ìkíni náà gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni náà gan-an. "Mo lérò pé ìwé yìí yóò bá yín ní àlàáfíà" kò bá ẹnì kan wí, gbogbo ayé la lè kọ ọ́ sí. Bí mo ṣe kọ ti Ilé 14 nìyí, tí bàbá rẹ̀ wà ní Lọ́ndọ̀nù nínú oṣù kìíní:

"Ẹ kú òtútù o, sà, àwọn ayálégbé yín ní kí n kí yín. Iná ti padà sílé yín láti ọjọ́ Sátidé. ₦25,000 tí ẹ fi ránṣẹ́ ti wọlé, a dúpẹ́. ₦20,000 ló ṣẹ́ kù."

Ẹ wò ó pé ohun tó ti san ló ṣíwájú ohun tó jẹ. Ẹni tí kò tíì san kọ́bọ̀, n kò lè dúpẹ́ ohun tí kò ṣe lọ́wọ́ rẹ̀, yóò dà bí ẹ̀gàn. Ìròyìn iná ni mo fi tẹ̀ lé ìkíni tirẹ̀, lẹ́yìn náà ni mo sọ pé a kò tíì rí owó Ilé 22 nínú ìwé wa. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ "nínú ìwé wa", nítorí ó lè jẹ́ pé ó san án, tí báńkì kò fi orúkọ rẹ̀ hàn.

Ọ̀kan wà nínú wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá rẹ̀. Mo gbìyànjú láti kọ "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá" kí n tó mẹ́nu kan owó, kò bójú mu. Bí owó bá ti tẹ̀ lé e, ìkíni náà á dà bí ìwọ̀ tí a fi ìjẹ bò. Tirẹ̀ nìkan ni mo pín sí méjì. Àkọ́kọ́ lọ pẹ̀lú àkọlé "Ẹ kú àṣẹ̀yìndè, mà", kò sí tiránsífọ́mà nínú rẹ̀. Ti owó dúró di oṣù tó tẹ̀ lé e.

Àwọn tí kò dáhùn, n kò kọ ímeèlì tuntun sí wọn. Orí ti tẹ́lẹ̀ ni mo ti fèsì, kí àkọlé má yí padà, kí nọ́ńbà àkáǹtì sì wà nísàlẹ̀ fún wọn láti fi wéra. Gbólóhùn tó ṣí èyí kúrú: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, mo ní kí n rán yín létí ni." Nígbà tí Bàbá Alága kà á, wọ́n ní ó ti rọ̀ jù, àti pé ti ẹlẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ni yóò kọ ọ́. Mo gbà fún wọn, níwọ̀n ìgbà tí àkọlé kò bá ti yí padà.

Sí àwọn tó ti san tán, ọ̀nà mìíràn ni mo gbà. Iye owó ni mo gbé sínú àkọlé gbangba, "Ilé 9: ₦45,000 yín ti pé, ẹ ṣeun", kí àna àti àlejò rí i dáadáa.