Bí mo ṣe ṣàlàyé owó ìnṣọ́ránsì tó fò sókè fún Bàbá onítẹ̀wé kan ní Ṣómólú

Aago méje àárọ̀ kò tíì lù tí fóònù mi fi dún. Bàbá onítẹ̀wé kan tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Ṣómólú ni. Wọn ò tilẹ̀ dúró kí n kí wọn tán.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni mo fi ṣe yín? ₦50,000 ni mo san lọ́dún tó kọjá. Ẹ wá kọ ₦135,000 ránṣẹ́ sí mi. Ṣé iná jó mi ni? Ṣé olè jà mí ni?"

Alágbàtà ìnṣọ́ránsì ni mí. Ọdún 2024 lọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìwé ìnṣọ́ránsì iná tí Bàbá ní lórí ẹ̀rọ àti pépà wọn sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó parí. Kí n má parọ́, èmi ni mo jẹ̀bi ìbínú yẹn. Bí lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́ ni mo ṣe tì í sí wọn. Ohun tí lẹ́tà náà sọ ni pé owó lé "nítorí bí ọjà ṣe rí àti àtúnyẹ̀wò ewu." Èmi tí mo ń jẹun nídìí iṣẹ́ yìí, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, n kò rí nǹkan kan tí mo lè fà yọ nínú rẹ̀. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n fún mi ní ọjọ́ méjì, mo ń bọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù.

Mo kọ́kọ́ jókòó ti ìwé ọdún tó kọjá àti ti ọdún yìí. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni èwo nínú ₦85,000 tó lé yẹn ló wá láti ibo. Ibi méjì péré ni irú owó yìí ti ń wá. Àkọ́kọ́ ni iye tí a kọ sílẹ̀ pé ẹrù oníbàárà tó. Èkejì ni iye kọ́bọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ń gbà lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan nínú iye ẹrù yẹn. Mo mọ̀ọ́mọ̀ pè é ní kọ́bọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà ni. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún tí ojúàmì wà nínú rẹ̀ máa ń fọ́ èèyàn lójú, ṣùgbọ́n kò sí ọlọ́jà tí kò mọ kọ́bọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ẹrù ₦20,000,000 la kọ, kọ́bọ̀ 25 ni wọ́n sì gbà lórí ₦100. ₦50,000 nìyẹn. Lọ́dún yìí, ẹrù ti di ₦45,000,000, kọ́bọ̀ sì ti di 30. Òun ló bí ₦135,000. Mo wá bi ara mi pé, ká ní wọn ò fọwọ́ kan kọ́bọ̀ ńkọ́? Mo fi kọ́bọ̀ 25 ṣírò ẹrù tuntun, ó fún mi ní ₦112,500. Nítorí náà, ₦62,500 nínú owó tó lé yẹn jẹ́ ti ẹrù tí iye rẹ̀ lọ sókè, ₦22,500 tó kù ni kọ́bọ̀ márùn-ún tí wọ́n fi kún un.

Ìpínyà yìí ni gbogbo iṣẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ tí a máa fi ṣàlàyé ọ̀kan kò bá èkejì mu. Ti àkọ́kọ́, ẹrù oníbàárà fúnra rẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, kò sí bí mo ṣe fẹ́ bá ilé-iṣẹ́ jà lórí rẹ̀. Ti èkejì, èrò ilé-iṣẹ́ nípa ewu ibi iṣẹ́ ni, a sì lè bá wọn dúnàádúrà. Alágbàtà tó bá da méjèèjì pọ̀, tó ní "dọ́là ló fà á, Bàbá," kò ní lè dáhùn tí wọ́n bá bi í pé ṣé dọ́là ló wá fi kọ́bọ̀ márùn-ún kún un.

Nígbà tí mo dé Ṣómólú, n kò mú lẹ́tà jáde. Pépà tí ẹ̀rọ bàjẹ́ ni mo mú nílẹ̀, mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé Kọ́ọ̀dù yín yìí, tí ẹ bá fẹ́ ra irú rẹ̀ gan-an lónìí, tòkunbọ̀ bíi tiyín, èló ni?" Mo tẹnu mọ́ tòkunbọ̀ torí pé ìnṣọ́ránsì irú tiwọn kì í ra tuntun fún ẹni tí àlòkù rẹ̀ jóná. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n ní kò ní dín ní ₦18,000,000.

"Èló la kọ sínú ìwé wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ ní 2022?"

Mo fi hàn wọ́n. ₦7,000,000. Wọ́n dákẹ́. Àwọn fúnra wọn ló wá ń sọ fún mi bí nǹkan ṣe rí láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jẹ́ kí náírà máa wá iye ara rẹ̀, àti bí pépà tí wọ́n ń rà ṣe ń yí iye padà láàárọ̀ àti lálẹ́. N kò ní láti fẹnu kan dọ́là rárá. Mo rán wọn létí pé ọmọ wọn ló kọ àwọn iye tuntun sínú fọ́ọ̀mù tí mo fi ránṣẹ́ ní oṣù méjì ṣáájú. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé fọ́ọ̀mù yẹn máa di owó.

Wọ́n wá sọ ohun tí gbogbo oníbàárà máa ń sọ: "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sí 20 mílíọ̀nù yẹn."

Ibí yìí ni alágbàtà máa ń ṣìnà. Tí mo bá gbà, inú wọn á dùn, owó á kéré, èmi náà á sinmi. Ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà nínú ìwé ìnṣọ́ránsì iná tí wọ́n fi lẹ́tà wínníwínní kọ: tí iye tí o kọ bá kéré sí iye ẹrù rẹ gan-an, ìpín tí o kọ ni wọn yóò fi san àdánù, kódà bí gbogbo ẹrù kò bá jóná. Mo ní, "Bàbá, ẹni tó ń dá àjọ ọwọ́ kan kì í kó ọwọ́ méjì." Mo ṣírò rẹ̀ lójú wọn. Ká ní iná jó ẹrù ₦9,000,000 nínú ṣọ́ọ̀bù tí ẹrù inú rẹ̀ tó ₦45,000,000. Ẹrù mílíọ̀nù 20 la sanwó fún nínú mílíọ̀nù 45. ₦4,000,000 ni ilé-iṣẹ́ máa gbé kalẹ̀, kí wọ́n tó yọ ìwọ̀nba tí oníbàárà gbọ́dọ̀ fi orí ara rẹ̀ rù. ₦5,000,000 tó kù, ọrùn Bàbá ló wà. Èrò wọn tẹ́lẹ̀ ni pé níwọ̀n ìgbà tí ₦9,000,000 ò bá ti tó ₦20,000,000, wọ́n máa rí gbogbo rẹ̀ gbà.

Òwe àjọ yẹn yé wọn yékéyéké. Ó yé wọn jù. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, "Ó yá, tó bá jẹ́ àjọ ni, ìgbà wo ló kàn mí láti kó?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á. Àjọ, owó ẹni ló ń padà wá báni. Owó ìnṣọ́ránsì ò ní padà wá tí nǹkan kan ò bá ṣe ẹrù. Mo yára kó àjọ nílẹ̀, mo mú ọdẹ àdúgbò. Olóṣooṣù ni wọ́n ń dá owó ọdẹ ní òpópónà wọn, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè owó padà lọ́wọ́ ọdẹ torí pé olè ò wá. Láti ọjọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ kíkọ iye tó kéré sí ti ẹrù gan-an nìkan ni mo ń fi àjọ ṣàlàyé, n kì í fi ṣàlàyé ìnṣọ́ránsì fúnra rẹ̀.

A wá ka ẹrù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ kan tó ń ká pépà wà ní kọ̀rọ̀, ó ti kú láti ọdún méjì, ọmọ wọn sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní ₦3,000,000 bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́. A yọ ọ́. Ẹrù di ₦42,000,000.

Ó ku kọ́bọ̀. Kí n tó wá, mo ti bi ilé-iṣẹ́ pé kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi kún un, mo sì ní kí wọ́n má fún mi ní "àtúnyẹ̀wò ewu." Ẹni tí wọ́n rán wá yẹ ṣọ́ọ̀bù wò kọ ohun méjì sílẹ̀: kẹ́ẹ̀gì pẹtiróòlù mẹ́rin lábẹ́ àtẹ̀gùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ jẹnẹrétọ̀ àti òkìtì pépà gígé; àti aládùúgbò tuntun tó ń rọ gáàsì ìdáná. Mo kà á fún Bàbá bó ṣe wà.

"Èwo ni ti gáàsì ẹlòmíràn lọ́rùn mi?"

Mo ní òótọ́ ni, ẹ̀bi wọn kọ́, ṣùgbọ́n tí gáàsì bá bú, iná ò ní béèrè ẹni tó ni ògiri. Ìyẹn ò sí lọ́wọ́ wa. Kẹ́ẹ̀gì ló wà lọ́wọ́ wa. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n gbé epo lọ sínú àpótí irin ní ìta, wọ́n kó pépà gígé dànù, wọ́n ra agolo ìpaná méjì tó jẹ́ onílẹ́búlẹ́bú, torí omi kò ṣeé dà sí iná epo tàbí ti wáyà. Mo ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́. Wọn ò dá kọ́bọ̀ padà sí 25 nítorí gáàsì, àmọ́ wọ́n gbà á sí 27. Kọ́bọ̀ 27 lórí ₦42,000,000 jẹ́ ₦113,400.

Bàbá bi mí léèrè ohun kan sí i: "Ìwọ ńkọ́, èló ló kàn ọ́ níbẹ̀?" Mo sọ iye rẹ̀ gan-an fún wọn, mo sì sọ pé bí owó wọn bá ṣe ń ga ni tèmi náà ń ga, nítorí náà kí wọ́n máa bi mí ní irú ìbéèrè yìí. Inú mi ò dùn láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ká ní mo yí i po, wọ́n ì bá padà bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí gbogbo ìṣirò tí a ti ṣe.

Wọ́n fẹ́ san ìdajì kí ìyókù dúró di oṣù tó ń bọ̀. Mo ní kò ṣeé ṣe. Òfin ìnṣọ́ránsì ọdún 2003 tí à ń lò nígbà náà sọ pé owó gbọ́dọ̀ ti wọlé kí ààbò tó bẹ̀rẹ̀. Tí iná bá ṣẹ́ yọ láàárín ìdajì àti ìdajì, kò sí ìwé kankan lọ́wọ́ wọn. Wọ́n san án pé ní ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ tí ti tẹ́lẹ̀ parí.

Ní báyìí, kí n tó fi lẹ́tà ilé-iṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà kankan, mo ń kọ ọ̀rọ̀ kékeré sí wọn lórí Wasáàpù. Ti Màmá kan tó ń ta ẹja dídì rèé: "Ẹ káàárọ̀ Mà. Owó ìnṣọ́ránsì yín máa kúrò ní ₦30,000, á di ₦48,000. ₦15,000 nínú rẹ̀ jẹ́ torí pé fìríìsà yín ti wọ́n sí i. ₦3,000 tó kù, ilé-iṣẹ́ ló fi kún un, mo sì ti ń bi wọ́n ìdí rẹ̀. Ẹ má tíì sanwó, mo ń bọ̀ ká jọ ka ẹrù."

Nígbà tí ọdún yípo, Bàbá onítẹ̀wé ló pè mí kí lẹ́tà tó dé. Wọ́n ní, "Kọ́bọ̀ mélòó ni tọdún yìí?"