Bí mo ṣe tú ìbéèrè pápá iná àárín onígun mẹ́rin

Àbúrò mi kan níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń múra JAMB, ló gbé ìbéèrè yìí wá: mélòó ni pápá iná ní àárín onígun mẹ́rin, ibo ló sì kọjú sí? Onígun mẹ́rin ọlọ́gbọọgba ABCD, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ 0.2 m, ṣáàjì +5, +2, +1 àti −1 nC ló wà ní A, B, C àti D. Ó ti ro gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó ní 3150 N/C. Ṣùgbọ́n pápá ní ibi tó kọjú sí, kì í ṣe owó àjọ.

Àárín jìnnà sí igun kọ̀ọ̀kan bákan náà: r² = 0.02 m². Nípa kq/r², 1 nC ń mú 450 N/C wá.

Igun tó dojú kọra ni mo kọ́kọ́ so pọ̀. A ń tì sọ́dọ̀ C, C ń tì padà. Ó ku 4 nC, ìyẹn 1800 N/C sí C. B ń tì sọ́dọ̀ D, D tó jẹ́ òdì sì ń fà síbẹ̀ kan náà, nítorí náà a ó rò wọ́n pọ̀ ni: 3 nC, 1350 N/C sí D. Àmì òdì yìí ló máa ń da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ rú.

Ìlà méjèèjì pàdé ní 90°: √(1800² + 1350²) = 2250 N/C, ó sì yà ní nǹkan bíi 37° kúrò lójú ìlà AC sí ìhà D.