Bí mo ṣe gé ewì ọjọ́ ìbí Màmá wa láìjẹ́ kí ó tiro

Ara ife tí a fẹ́ pín fún àlejò ni ewì náà yóò wà, ẹni tó ń bá wa tẹ̀ ẹ́ sì sọ pé ìlà kọ̀ọ̀kan ti gùn jù. Ìlàjì ni ara ife lè gbà. Ohun tí mo kọ tẹ́lẹ̀ nìyí:

Màmá wa ọ̀wọ́n, lónìí ẹ pé àádọ́rin ọdún,
Ọmọ àti ọmọọmọ yí yín ká, ilé yín sì kún.
Láti kékeré wa ni ẹ ti fi ẹ̀yìn pọ̀n wá dàgbà,
Ẹ kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wa mọ ojú ìyà.

Mo fi ìka lu tábìlì bí mo ṣe ń kà á, ìró kan, ìka kan. Sílébù mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, nítorí náà mẹ́jọ ni mo ń wá. Sílébù ni mo kà, n kò ka ọ̀rọ̀: “àádọ́rin” jẹ́ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ìka yóò lù ú.

Iwájú ìlà ni mo ti ń gé. Ìparí ni ìró ti bára mu, “ọdún” pẹ̀lú “kún”, “dàgbà” pẹ̀lú “ìyà”, n kò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án. Ó ti wù mí kí n fi “ìyá” parí ìlà kẹrin, àmọ́ ohùn òkè ni ti “ìyá”, ohùn ìsàlẹ̀ ni ti “dàgbà”. Fáwẹ̀lì kan náà ni, síbẹ̀ etí kò gbà á.

Ìlà kìíní rọrùn: mo yọ “Màmá wa ọ̀wọ́n, lónìí” kúrò, mẹ́jọ ló kù. Nínú ìkejì, mo yọ “àti ọmọọmọ”, ó ku mẹ́wàá. Nígbà tí àbúrò mi kà á sókè, ó kọsẹ̀ níbi “ilé yín sì kún”. “Yín” ti wà níwájú tẹ́lẹ̀, “sì” kò sì ṣiṣẹ́ kankan, ni mo bá yọ méjèèjì.

Ìlà kẹta ló yà mí lẹ́nu. Mo kọ “Ẹ fẹ̀yìn pọ̀n wá dàgbà”, ó wá di méje, ó kúrú létí. Mo tú “fẹ̀yìn” padà sí “fi ẹ̀yìn”, ó pé mẹ́jọ. Òdìkejì rẹ̀ ni mo ṣe sí ìkẹrin. “Ẹ kò jẹ́ kí a mọ ojú ìyà” jẹ́ mẹ́wàá. Mo sọ “kí a” di “ká”, “mọ ojú” di “mojú”, méjì lọ láìsí pé ìtumọ̀ kankan sọnù.

Ẹ pé àádọ́rin ọdún,
Ọmọ yí yín ká, ilé kún.
Ẹ fi ẹ̀yìn pọ̀n wá dàgbà,
Ẹ kò jẹ́ ká mojú ìyà.

“Ọmọọmọ” tó lọ yẹn dùn mí, torí àwọn ni Màmá fẹ́ràn jù. Ẹ̀gbọ́n mi ti gba èyí tó gùn, òun ni yóò kà á lójú agbo kí wọ́n tó gé kéèkì.