Bí mo ṣe rí àyè fún àkọlé lókè àwòrán

Àwòrán ìyá aláṣọ-òkè tí mo fẹ́ fi ṣe ìkéde kún dé etí, gèlè rẹ̀ sì súnmọ́ òkè débi pé àkọlé kò ní ibi tí yóò wà. Mo kọ́kọ́ gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n gígé kì í dá àyè sílẹ̀. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń tún àwòrán ṣe, mo dín àwòrán náà kù sí 1080 × 810, mo ṣí `Image > Canvas Size`, mo tú ẹ̀wọ̀n tí ó so ìbú mọ́ gíga, mo sọ gíga di 1350, mo sì kọ 540 sí `Y`, kí àyè tuntun lè wà lókè nìkan.

Mo fi ìpele tuntun sábẹ́ àwòrán, mo sì fi àwọ̀ ògiri ẹ̀yìn ìyá náà kùn ún. Síbẹ̀, ìlà kan hàn níbi tí wọ́n ti pàdé, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ara ògiri kò dọ́gba. Mo padà sí ìpele àwòrán, mo tẹ `Add Alpha Channel` kí ibi tí mo bá parẹ́ lè fi ìpele abẹ́ hàn, mo fi ìparẹ́ tí etí rẹ̀ rọ̀ pa etí òkè àwòrán rẹ́ díẹ̀díẹ̀ láìkan gèlè, ìlà náà sì pòórá.