Mo ti fọwọ́ sí i, mi ò sì lọ mọ́: wàhálà ìwé-ẹ̀rí àti fọ́ọ̀mù onídùúró

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Pé mo ní mi ò ṣiṣẹ́ wọn mọ́ kì í ṣe ìṣòro rárá. Gbígba ohun tó jẹ́ tèmi padà lọ́wọ́ wọn ló fẹ́ẹ̀ yọ mí lẹ́mìí.

Ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ẹ̀pẹ́ gbà mí sí iṣẹ́ akọ̀wé sítọ̀ọ̀, ₦160,000 lóṣù. Mo fọwọ́ sí lẹ́tà wọn, mo ṣe àyẹ̀wò ara, àwọn onídùúró mi méjèèjì sì kọ fọ́ọ̀mù. Ó ku díẹ̀ kí n bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n wá ní bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ tí wọ́n ṣèlérí kò ní gba Ìkòròdú mọ́. Igbógbó ni mò ń gbé. Ẹni tó bá ń wọkọ̀ láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ láràárọ̀ mọ iye tí yóò kù nínú owó yẹn bí oṣù bá parí. Ilé-iṣẹ́ kan ní Odógunyán sì pè mí lásìkò yẹn. Ibẹ̀ súnmọ́ ilé, mo gbà á.

Mo kọ́kọ́ pe ọ̀gá tó fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò, torí kò yẹ kó jẹ́ inú ìwé ni wọ́n ti máa gbọ́. Lọ́jọ́ yẹn kan náà ni mo fi lẹ́tà ránṣẹ́. Ìpínrọ̀ mẹ́ta péré ni: mo dúpẹ́, mo ní mi ò ní lè wá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo sì béèrè ọjọ́ tí mo lè wá kó ìwé mi. Mi ò dárúkọ ilé-iṣẹ́ kejì, mi ò sì sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì bíi ẹni tó fẹ́ jà. Ọ̀gá náà ní, "Kò burú, Ọlọ́run á ṣọ̀nà ire." Mo rò pé ó ti parí nìyẹn.

Àṣé ẹ̀ka òṣìṣẹ́ ní tiwọn lọ́tọ̀. Ojúlówó ìwé-ẹ̀rí girama mi àti ti agùnbánirọ̀ wà lọ́wọ́ wọn; wọ́n ní àwọn fẹ́ fi wé ẹ̀dà. Tí mo bá dé ibẹ̀, wọ́n á ní, "Àǹtí, màdáámù ti jáde." Bí mo bá pe màdáámù, wọn ò ní gbé e. Nígbà tí wọ́n rí mi tán, wọ́n ní kí n san owó oṣù kan, ₦160,000, kí wọ́n tó kó ìwé fún mi, torí mi ò fún wọn ní ìkìlọ̀ tó tọ́.

Mo yọ lẹ́tà wọn síta níwájú wọn. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé láàárín oṣù mẹ́fà ìdánwò, ẹnikẹ́ni nínú wa lè fi ọ̀sẹ̀ méjì sọ fún ẹnì kejì, tàbí kó san owó rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ méjì kì í ṣe oṣù kan. Oṣù mẹ́fà yẹn sì máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ tí mo bá wọṣẹ́. Mi ò tíì wọ ọ́. Abala 11 nínú Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ wa pàápàá, ọjọ́ kan ló ní kí òṣìṣẹ́ tí kò tíì ju oṣù mẹ́ta lọ fi sọ tẹ́lẹ̀. Kò sí ibi tí lẹ́tà ti ní kí wọ́n di ìwé-ẹ̀rí ẹnikẹ́ni mú. Ṣùgbọ́n tí ìwé tiyín bá ní ọjọ́ tí ẹ fọwọ́ sí i ni kíkà ti bẹ̀rẹ̀, tàbí tí wọ́n ti náwó rán yín lọ kọ́ṣẹ́, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀ o.

Mi ò pariwo. Mo ní, "Màdáámù, ẹ jọ̀ọ́, owó àyẹ̀wò ara tí ẹ san, màá dá a padà. Yunifọ́ọ̀mù náà rèé, mi ò tíì wọ̀ ọ́." Mo tún fún wọn ní nọ́ńbà ọ̀rẹ́ mi kan ní Ẹ̀pẹ́ tó ń wá irú iṣẹ́ náà, tó sì ti gbà kí n fún wọn. Ojú wọn rọ̀. Mo fa ẹ̀dà tí ọmọbìnrin iwájú fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó gba ìwé-ẹ̀rí mi yọ, kò sì sí bí wọ́n ṣe fẹ́ sọ pé kò sí lọ́wọ́ àwọn. Inú mi dùn gan-an sí ìwé pélébé yẹn! Ẹ má fi ojúlówó sílẹ̀ níbikíbi láìgba irú rẹ̀.

Ìwé-ẹ̀rí jáde, àmọ́ mi ò tíì dìde. Fọ́ọ̀mù onídùúró ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ẹ̀gbọ́n mi tó jẹ́ olùkọ́ ti kọ orúkọ, àdírẹ́sì àti ibi iṣẹ́ wọn síbẹ̀, pé tí nǹkan bá sọnù ní sítọ̀ọ̀ nítorí mi, àwọn ni kí wọ́n mú. Mo bẹ màdáámù kí wọ́n dá fọ́ọ̀mù méjèèjì padà. Wọ́n ní ó ti wọ fáìlì, kò ṣeé yọ. Mo wá ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ẹ̀dà lẹ́tà mi pé mi ò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, pé ìdúró náà ti parí, kí wọ́n kọ ọjọ́ sí i, kí wọ́n sì tẹ òǹtẹ̀. Ìyẹn náà tún gbà wá lásìkò kí wọ́n tó ṣe é.

Mo ya ẹ̀dà rẹ̀ méjì ní Ìkòròdú, mo mú ọ̀kan fún onídùúró kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti pe ọ̀rẹ́ mi náà fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò.